Lẹ́tà sí Dókítà: Kí Ni Ó Mú Mi Kúrú?

Kì í ṣe ohun ìyanu kí àgbàlagbà kúrú díẹ̀ sí bí ó ti rí ní ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ṣùgbọ́n kíkúrú kan wà tí ọjọ́ orí ń mú wá, òmíràn sì wà tí àìsàn ń mú wá. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ láàrin méjèèjì. Ìwọ̀n ni ó ń fi í hàn. Olùkọ́ àgbà kan, ẹni ọdún 58, ní ìlú kan ní ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà, kọ lẹ́tà sí dókítà rẹ̀ lórí ọ̀ràn yìí. Lẹ́tà náà nìyí:

“Dókítà mi ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìtọ́jú ará ìlú. Ohun kan ń yà mí lẹ́nu. Nígbà tí mo wọ iṣẹ́ olùkọ́ ní ẹni ọgbọ̀n ọdún, wọ́n wọn gíga mi ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé sẹ̀ǹtímítà 173 ni mo ga, èyí tí í ṣe ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 8. Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ní oṣù tí ó kọjá, ìyàwó mi ṣàkíyèsí pé àwọn ṣòkòtò mi àtijọ́ ń wọ́ nílẹ̀. Àbúrò mi tí èmi àti òun jọ ń dọ́gba tẹ́lẹ̀ ti ga jù mí lọ báyìí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan mo dúró ti òpó ilẹ̀kùn, ọmọ mi gbé ìwé lé mi lórí, ó sì wọ̀n mí. Sẹ̀ǹtímítà 167 ààbọ̀ ni ó bá. Ara mi le, àfi orúnkún tí ó ń dùn mí, tí mo sì ń lo oògùn sí. Ẹ jọ̀wọ́, níbo ni sẹ̀ǹtímítà 5 ààbọ̀ náà gbà lọ? Ṣé ogbó lásán ni, àbí ó yẹ kí n bẹ̀rù?”

Ìdáhùn dókítà kò gùn. Ó ní: “Ẹ má bẹ̀rù, sà, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ẹ wá ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹ mú ìwé àtijọ́ náà dání, kí ẹ sì kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò wá, èyí tí ẹ rà lọ́jà pẹ̀lú.”

ÈYÍ TÍ OÒJỌ́ Ń MÚ LỌ

Nígbà tí olùkọ́ náà dé, ohun àkọ́kọ́ tí dókítà ṣe ni pé ó tún un wọ̀n. Olùkọ́ bọ́ bàtà, ó ṣí fìlà, ó sì dúró ṣánṣán ti ògiri. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni dókítà wọ̀n ọ́n, sẹ̀ǹtímítà 169 ni ó sì ń bá. Ìyẹn ni pé sẹ̀ǹtímítà 1 ààbọ̀ nínú èyí tí olùkọ́ rò pé ó ti sọnù kò sọnù rárá.

Dókítà ṣàlàyé bí èyí ti rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá ẹ̀yìn ènìyàn kì í ṣe eegun kan ṣoṣo. Eegun kéékèèké 24 ni ó to ara wọn lé lórí láti ọrùn dé ìbàdí, láàrin wọn sì ni tìmùtìmù wà, tí kì í jẹ́ kí eegun gún eegun. Omi pọ̀ nínú àwọn tìmùtìmù wọ̀nyí. Bí ènìyàn bá wà lórí ìdúró, tí ó ń rìn, tí ó ń ru ẹrù, ìwúwo ara a máa fún omi náà jáde díẹ̀díẹ̀, tìmùtìmù a sì fẹ́lẹ́. Bí ó bá sùn lóru, wọn a tún fa omi mu, wọn a sì wú padà. Nítorí náà ni gbogbo ènìyàn, ọmọdé àti àgbà, fi ń ga ju ti alẹ́ lọ nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ìyàtọ̀ náà a máa tó sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2, wákàtí àkọ́kọ́ lẹ́yìn jíjí sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń lọ.

Olùkọ́ wọn ara rẹ̀ ní alẹ́, lẹ́yìn ìdúró ọjọ́ kan gbáko níwájú pátákó ìkọ̀wé. Yàtọ̀ sí èyí, ìwé tí ọmọ rẹ̀ gbé lé e lórí dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò sì na ọrùn dáradára. Nǹkan wọ̀nyí ni ó jẹ sẹ̀ǹtímítà 1 ààbọ̀ náà. Ṣùgbọ́n láti 173 sí 169, sẹ̀ǹtímítà 4 ṣì ṣẹ́ kù tí a kò tíì rí ìdí rẹ̀.

ÈYÍ TÍ ỌJỌ́ ORÍ Ń MÚ LỌ

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, tìmùtìmù a máa gbẹ. Omi tí ó ń fà mu lóru kì í tó ti àtijọ́ mọ́, nítorí náà kì í wú padà tán. Iṣan ẹ̀yìn náà a máa dẹ̀, ẹ̀yìn a sì tẹ̀ síwájú díẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan ní ìlú Bọ́timọ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà wọn àwọn ènìyàn kan náà léraléra fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 1999. Wọ́n rí i pé láti ọgbọ̀n ọdún títí dé àádọ́rin ọdún, ọkùnrin a máa kúrú ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3, obìnrin a sì máa kúrú ní nǹkan bíi 5. Ní àkọ́kọ́, díẹ̀díẹ̀ ni ó ń lọ. Bí ogbó bá dé tán ni ó ń yára.

Dókítà wá bá olùkọ́ ṣe ìṣirò. Bí sẹ̀ǹtímítà 3 bá lọ láàrin ogójì ọdún, ohun tí ó yẹ kí ó lọ láàrin ọdún 28 kò gbọdọ̀ ju nǹkan bíi 2 lọ. Olùkọ́ sì ti pàdánù 4. Ọjọ́ orí lè ru ìdajì ẹrù náà; kò lè ru gbogbo rẹ̀. Àwọn dókítà sì mọ̀ pé ẹni tí ó bá ti fi sẹ̀ǹtímítà 4 kúrú sí bí ó ti ga jù lọ rí ní láti ya fọ́tò eegun ẹ̀yìn rẹ̀, kódà bí kò bá sí ibi kan tí ń dùn ún.

ÈYÍ TÍ OÒGÙN MÚ LỌ

Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn oògùn tí olùkọ́ kó wá wò. Nínú wọn ni hóró funfun kékeré kan wà tí olùkọ́ ń rà lọ́wọ́ oníkiri oògùn fún orúnkún rẹ̀. Ó ti ń lo hóró méjì lójúmọ́ fún ọdún mẹ́ta, nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́ kíákíá, ó sì ń mú kí oúnjẹ wù ú jẹ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pàápàá ti kún, àwọn ará ilé sì rò pé ìgbádùn ni. Pẹrẹdinisólóònù ni oògùn náà, ọ̀kan nínú irú èyí tí wọ́n ń pè ní sítẹ́rọ́ìdì.

Oògùn gidi ni, àwọn dókítà sì ń lò ó láti gba ẹ̀mí là, fún ikọ́ fée líle àti àwọn àìsàn mìíràn. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ń lò ó lójoojúmọ́ ju oṣù mẹ́ta lọ, ó ń jẹ eegun láti inú. Eegun tí ó le a wá dá ihò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin tí oyin ti tán nínú rẹ̀. Kì í dun ènìyàn bí ó ti ń ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ kan ni ẹrù kékeré yóò fọ́ eegun náà mọ́lẹ̀.

Dókítà bi olùkọ́ léèrè bóyá ẹ̀yìn dùn ún rí. Ó kọ́kọ́ ní rárá. Lẹ́yìn náà ni ó rántí pé ní ọdún tí ó kọjá òun bẹ̀rẹ̀ láti gbé jẹ́ríkàn omi kan, ẹ̀yìn sì ro òun gooro. Ó dùn ún fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta; ó ń fi àbóníkí pa á, ó sì lọ. Nígbà tí wọ́n ya fọ́tò, wọ́n rí eegun méjì láàrin ẹ̀yìn tí iwájú wọn ti rún wọlé, tí wọ́n sì rí bí orí àáké: iwájú fẹ́lẹ́, ẹ̀yìn nípọn. Ọ̀kan nínú wọn ni ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ti ọjọ́ jẹ́ríkàn. Èkejì ti fọ́ láìjẹ́ pé olùkọ́ mọ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ sì ń fọ́.

OHUN TÍ DÓKÍTÀ ṢE

Dókítà kò fi òdodo pa mọ́. Eegun tí ó ti rún wọlé kì í dìde mọ́. Olùkọ́ kò ní í padà ga tó 173. Iṣẹ́ tí ó kù ni láti dènà èyí tí yóò tún fọ́, nítorí pé ẹni tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ kan bá ti fọ́ ni òmíràn ń tètè fọ́ fún.

Ó kìlọ̀ fún olùkọ́ pé kí ó má ṣe dá oògùn náà dúró lójijì. Ara tí ó ti ń lò ó pẹ́ ti dẹ́kun láti máa ṣe irú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí oògùn bá sì dá lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni náà lè dákú, ó sì lè kú. Dókítà ni ó bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láti mọ̀ pé kò sí àìsàn mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé ikọ́ ẹ̀gbẹ àti jẹjẹrẹ lè jẹ eegun ẹ̀yìn pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ni ó fún un ní oògùn tí ń mú eegun le, ó sì wá ìtọ́jú mìíràn fún orúnkún náà. Ó ní kí ó máa jẹ ẹja wẹ́wẹ́ tẹegun tẹegun, kí ó máa mu wàrà, kí ó sì máa rìn nínú oòrùn òwúrọ̀. Bí ó bá sì fẹ́ gbé nǹkan nílẹ̀, kí ó lóṣòó gbé e, kí ó má ṣe tẹ ẹ̀yìn ba.

BÍ ÈNÌYÀN TI LÈ WỌN ARA RẸ̀ NÍLÉ

Ní òwúrọ̀, kí ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ sì ṣí fìlà tàbí gèlè. Kí ẹ dúró ti ògiri títẹ́jú, kí gìgísẹ̀, ìdí àti èjìká kan ògiri, kí ojú sì wo iwájú gan-an. Kí ẹlòmíràn gbé ìwé líle lé yín lórí, kí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà sì lẹ̀ mọ́ ògiri dáradára kí ó má bàa dà. Kí ó fi pẹ́ńsù sàmì sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ sì kọ iye, ọjọ́ àti wákàtí sínú ìwé. Ní ọdún tí ń bọ̀, ẹ wọ̀n ọ́n ní wákàtí kan náà.

Bí ó bá fi sẹ̀ǹtímítà 2 dín sí ti ọdún kan tàbí méjì sẹ́yìn, tàbí 4 sí ti ìgbà ọ̀dọ́ yín, ẹ mú ìwé náà lọ fún dókítà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni bí ìpàkọ́ kò bá lè kan ògiri mọ́ nígbà tí ẹ bá dúró tì í. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yìn bá ń dunni lóru tí kò gbọ́ ìsinmi, tí ibà wà níbẹ̀, tí ara ń rù, tí ẹsẹ̀ kò lágbára tàbí tí ìtọ̀ kò wá, kí wọ́n má ṣe dúró de ìwọ̀n kankan. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ náà gan-an.