Aṣọ Oníbàárà Kò Tíì Jáde: Ohun Tó Yẹ Kí Télọ̀ Sọ Dípò "Nǹkan Kan Ló Ṣẹlẹ̀"

Télọ̀ tó bá fi "Ẹ má bínú, nǹkan kan ló ṣẹlẹ̀" ránṣẹ́ sí oníbàárà lè má parọ́ rárá. Ẹ̀rọ lè ti bàjẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n oníbàárà kò tíì mọ bóyá wọ́n ti gé aṣọ òun, kò sì mọ bóyá òun yóò rí i wọ̀ lọ́jọ́ òde. Àbá ni yóò fi dí àlàfo yẹn, èyí tó burú jù ló sì máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn: "Wọ́n ti gba iṣẹ́ ẹlòmíì ṣáájú tèmi."

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ jó lè sọ gbólóhùn yìí, ẹni tó gbàgbé iṣẹ́ náà lè sọ ọ́. Kò sí ohun tí oníbàárà lè fi ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹni tó bá sọ ojú abẹ níkòó ti sọ ohun tí wọ́n lè yà wò ní ṣọ́ọ̀bù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tètè gbà á gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Oníbàárà gbé àńkárá wá fún gáùn ìgbéyàwó ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ sì ṣèlérí Ọjọ́bọ̀. Lálẹ́ Ìṣẹ́gun, iná wọlé pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù, ó sì jó mọ́tò ẹ̀rọ tí ẹ fi ń di etí aṣọ. Bí ẹ ṣe máa to ọ̀rọ̀ yín nìyí.

1. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Gbólóhùn kan ti tó. Ẹ má ròyìn ẹni tó wá tú ẹ̀rọ àti iye tó kọ́kọ́ bèèrè. Àròyé tó gùn jù náà máa ń mú ìfura wá.

2. Ẹ so ó mọ́ aṣọ oníbàárà náà gan-an. Ibí ni ọ̀pọ̀ àlàyé ti ń já. Bí ẹ bá ní "Ẹ̀rọ mi bàjẹ́", oníbàárà tó mọ̀ pé ẹ̀rọ mẹ́ta wà ní ṣọ́ọ̀bù yín yóò bèèrè ohun tí àwọn méjì yòókù ń ṣe. Àwọn méjì yẹn lè rán aṣọ, àmọ́ wọn kò lè di etí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni etí àńkárá tí a kò dì yóò máa tú ní ojú rírán, pàápàá bí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́. Ẹ sọ ìyẹn fún un. Nígbà náà ni yóò rí i pé aṣọ òun ló ń dúró de ẹ̀rọ náà.

3. Ẹ sọ ibi tí iṣẹ́ dé: èyí tí ẹ ti gé, èyí tí ẹ ti rán, èyí tó kù.

4. Ẹ dá ọjọ́ àti wákàtí tuntun, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ máa ṣe bí ìyẹn náà bá fẹ́ yẹ̀. "Láìpẹ́" kò sàn ju "nǹkan kan" lọ.

Bí ẹ bá tò wọ́n pọ̀, ohun tí ẹ máa fi ránṣẹ́ láàárọ̀ Ọjọ́rú, kí ọjọ́ àdéhùn tó pé, nìyí:

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, gáùn yín kò ní lè jáde lọ́la. Iná tó wọlé lálẹ́ Ìṣẹ́gun jó mọ́tò ẹ̀rọ tí mo fi ń di etí aṣọ, bí mo bá sì rán an láìdi etí rẹ̀, yóò máa tú. Mo ti gé e, mo ti rán apá òkè. Ìsàlẹ̀ ló kù. Àwọn tó ń tún mọ́tò náà ṣe á dá a padà lọ́la. Bí wọn kò bá dé títí di agogo 4 ìrọ̀lẹ́, mo máa gbé gáùn náà lọ dì lọ́dọ̀ télọ̀ mìíràn. Ẹ ó gbà á ní ọjọ́ Ẹtì, ní agogo 12 ọ̀sán."

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ tún un kà. Bí ó bá ṣeé fi ránṣẹ́ sí oníbàárà mìíràn lóṣù tó ń bọ̀ láìyí ọ̀rọ̀ kan padà, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kìíní àti ìkejì.

Nígbà mìíràn, ẹ̀bi yín ni. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "Mo gba iṣẹ́ ju agbára mi lọ lọ́sẹ̀ yìí. Láàárọ̀ ọ̀la, tiyín ni mo máa kọ́kọ́ jókòó tì." Inú oníbàárà lè má dùn, ṣùgbọ́n yóò mọ bí òun yóò ṣe ṣètò. Bí ẹ bá fi irọ́ ẹ̀rọ bò ó, tó sì gbọ́ ìró ẹ̀rọ yẹn bó ṣe ń kọjá, kò ní gba èyí tó bá jẹ́ òótọ́ gbọ́ mọ́.

Bí ó bá sì jẹ́ ọ̀ràn àṣírí, bí àìsàn tàbí ọ̀rọ̀ inú ilé, kò pọn dandan kí ẹ tú u síta. "Ara mi kò yá láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mi ò lè jókòó sídìí ẹ̀rọ" ti tó. Ìdí nìkan ni ẹ lè gé kúrú o. Ẹ má fọwọ́ kan ìgbésẹ̀ kẹta àti ìkẹrin. Bí ọjọ́ tuntun náà bá tún fẹ́ yẹ̀, ẹ má tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ mọ́. Ẹ pe oníbàárà lórí fóònù, kó lè bi yín ní ìbéèrè tó bá ní.