Ọ̀rọ̀ Orí Pátákó fún Ẹni tí Ń Sáré Kọjá

Pátákó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kì í ṣe ìwé tí a ń jókòó kà. Ní Jójú, ní Sango-Ọ̀tà, inú ọkọ̀ tí ń sáré lọ sí Abẹ́òkúta ni òǹkàwé rẹ̀ wà. Nítorí náà, kí a tó ka iye ọ̀rọ̀, àkókò ni a kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wọ̀n.

Ọkọ̀ tí ń sáré 60 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin nǹkan bí mítà 17 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà tí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 20, tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ gedegbe sí ti pátákó, ṣeé kà láti nǹkan bí mítà 70. Nígbà tí ọkọ̀ bá ku mítà 20 sí i, pátákó ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Mítà 50 péré ni ó kù fún kíkà, èyí tí í ṣe ìṣẹ́jú-àáyá 3. Awakọ̀ náà sì tún gbọ́dọ̀ máa wo tírélà tí ń bẹ níwájú rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ ìpolówó kì í fi í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ju bíi 7 lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan. Oníṣòwò kan fẹ́ kọ báyìí:

“A ń fi ìdùnnú kí gbogbo awakọ̀. Àwa ni a ń ta ojúlówó táyà tuntun àti tòkunbọ̀ fún oríṣiríṣi ọkọ̀, ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ yà sí ọwọ́ ọ̀tún yín lẹ́yìn ilé epo.”

Ọ̀rọ̀ 32 nìyí, láìka nọ́ńbà fóònù. A yọ ìkíni àti ìyìn ọjà kúrò. A yọ “tuntun àti tòkunbọ̀”, nítorí ẹni tí ó bá fẹ́ táyà yóò béèrè nígbà tí ó bá dé. A yọ “ọwọ́ ọ̀tún”, nítorí apá ọ̀tún ni pátákó wà. Nọ́ńbà fóònù lọ sí ara ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí ó ṣẹ́kù ni:

TÁYÀ
Ẹ YÀ LẸ́YÌN ILÉ EPO

Ó di ọ̀rọ̀ 6. Bí a bá tún gé e, tí a yọ ọ̀nà tàbí ọjà, pátákó kò wúlò mọ́. Kí a rì í mọ́lẹ̀ ní nǹkan bí mítà 100 ṣáájú ibi tí a ó ti yà. Bí ó bá wà lẹ́nu ọ̀nà náà gan-an, awakọ̀ lè tẹ bíréèkì lójijì kí ọkọ̀ ẹ̀yìn sì rọ́ lù ú.

Àmì ohùn kò sí lára ohun tí a ń gé. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Kí àmì àti ìsàlẹ̀ lẹ́tà nípọn bí ẹsẹ̀ lẹ́tà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn kò ní hàn lókèèrè.

Kí a tó fún ẹni tí ń kọ pátákó lówó, ẹ jẹ́ kí a dán an wò. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sórí ìwé ní lẹ́tà sẹ̀ǹtímítà 2, kí ẹ gbé e sí mítà 7, èyí tí í ṣe ìdá kan nínú mẹ́wàá ti ojú ọ̀nà. Ẹ fi han ẹni tí kò mọ̀ nípa rẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 3, kí ẹ sì bò ó. Ẹ bi í ní ohun tí a ń tà àti ibi tí a ó yà sí. Bí kò bá lè dáhùn méjèèjì, ó ku ohun tí a ó gé.