Ẹ Má Pín Owó Tí Ilẹ̀ Kò Tíì San

Ẹ̀yin olùdarí ilé-iṣẹ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ní ìpín níbẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún èrè tí a rí lórí ìwé nìkan. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan ra ilẹ̀ ní Ìbàdàn ní mílíọ̀nù 20 náírà, adíyelé wá sọ pé ó ti tó mílíọ̀nù 90. Mílíọ̀nù 70 ti lé, àmọ́ kọ́bọ̀ kan kò wọ báǹkì.

Ìlànà ìṣirò owó àgbáyé tí wọ́n ń pè ní IAS 16 gbà kí a kọ ilẹ̀ àti ilé sílẹ̀ ní iye tí wọ́n tó lọ́jà lónìí. Ṣùgbọ́n kò gbà kí mílíọ̀nù 70 yẹn wọ inú èrè ọdún. Abẹ́ owó àwọn oníléeṣẹ́ ló ń jókòó sí, lórí ìlà tirẹ̀ tó ń jẹ́ àlékún ìdíyelé. Kò gbọdọ̀ dàpọ̀ mọ́ èrè tí wọ́n ti kó pamọ́, nítorí inú èrè yẹn ni wọ́n ti ń pín owó fún oníìpín. (Owó orí ọjọ́ iwájú yóò gé díẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká pa ìyẹn tì ná.)

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí. Ẹni tó bá díye lé ilẹ̀ kan gbọ́dọ̀ díye lé gbogbo ilẹ̀ tó wà ní ìsọ̀rí kan náà. Kò lè ṣa èyí tó gbówó lórí nìkan. Ká ní ilé-iṣẹ́ yìí tún ní ilẹ̀ ní Ṣágámù, tí ó rà ní mílíọ̀nù 50, tó ti wálẹ̀ sí 35. Olùdarí á fẹ́ yọ 15 kúrò nínú 70, á ní ó ku 55. Kò rí bẹ́ẹ̀ o! Àlékún ilẹ̀ kan kì í gbé àdánù òmíràn. Mílíọ̀nù 15 náà yóò lọ tààrà sínú ìṣirò èrè àti àdánù. Bí èrè ọdún bá jẹ́ mílíọ̀nù 10 tẹ́lẹ̀, ó ti di àdánù mílíọ̀nù 5, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé fi ilé-iṣẹ́ náà hàn bí olówó.

Bí ilẹ̀ Ìbàdàn fúnra rẹ̀ bá wá já láti 90 sí 15, àlékún rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbé 70. Mílíọ̀nù 5 tó kù ni yóò wọ inú àdánù.

Bí wọ́n bá tà á ní 90 ńkọ́? Àlékún náà yóò ṣí lọ sínú èrè tí wọ́n ti kó pamọ́ láìgba inú èrè ọdún kọjá. Ìgbà yẹn ló tó di èrè tó ti bọ́ sọ́wọ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí owó ìpín kankan, ẹ ka àlàyé ẹ̀yìn ìwé ìṣirò. IAS 16 fi dandan lé e pé kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n díye lé ohun ìní sí ibẹ̀, kí wọ́n sọ bóyá adíyelé òmìnira ló ṣe é, kí wọ́n sì sọ ohun tó dènà pínpín àlékún náà. Bí ẹ kò bá rí i níbẹ̀, ẹ béèrè.