Ta Ni Aládùúgbò Àwo Síìmù?

Ọjọ́ ọjà tó kọjá ni obìnrin kan gbé fóònù wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù níbí ní Iyara. Ojú fóònù náà ti fọ́, kò tàn mọ́. Ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti kọ́kọ́ bá òun ra ojú tuntun láti Ìkẹjà, ojú iPhone 13 Pro. Ọkọ̀ gbé e dé, ṣùgbọ́n kò bá fóònù náà mu. Owó iṣu tí obìnrin náà tà ló fi ra ojú yẹn, ẹni tó tà á kò sì gbà á padà. Nígbà tí mo tú fóònù náà, mo rí i pé iPhone XR ni, ti ọdún 2018, tí wọ́n wọ háúsìn 13 Pro sí lára.

Àṣìṣe kọ́ ló dùn mí jù. Ohun tó dùn mí ni pé kí ojú yẹn tó dé, ńṣe ni wọ́n ń yin ọmọ náà kiri. Wọ́n ní àwòrán kan ṣoṣo ló wò lórí Wásáàpù, tí ó sì dárúkọ fóònù náà lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin àbúrò mi, ìyìn yẹn ló ń bà yín jẹ́. Kò sí oníbàárà tó ń san owó fún wa nítorí pé a yára dárúkọ fóònù.

Mo ránṣẹ́ pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó sì wá. Mo ní kó ṣàlàyé ohun tó rí. Kì í ṣe òmùgọ̀ ọmọ rárá. Ó mọ̀ pé kámẹ́rà mẹ́ta tó dúró bí igun mẹ́ta kì í ṣe ẹ̀rí, torí háúsìn ayédèrú ń ya gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀yìn XR tó jẹ́ pé kámẹ́rà kan péré ló ní. Nítorí náà ó wá àwo síìmù. Ó mọ̀ pé bí a bá kọjú sí iPhone, ọ̀tún ni àwo síìmù XR wà, àti pé láti orí iPhone 12 ni wọ́n ti gbé e lọ sí òsì. Nínú àwòrán tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀yìn fóònù ló hàn, àwo síìmù sì wà ní etí ọ̀tún. Ó rò ó pé ọ̀tún ẹ̀yìn ni òsì iwájú, òsì iwájú sì ni ti 13. Ó fi ọkàn balẹ̀, ó sì ní kí wọ́n ra ojú náà.

Ìṣirò rẹ̀ tọ̀nà. Àwòrán ni kò bi léèrè. Fóònù tó ti kú kò lè ya ara rẹ̀, nítorí náà àwòrán àtijọ́ ni ọmọ obìnrin náà fi ránṣẹ́, èyí tó dúró níwájú dígí fi fóònù yẹn kan náà yà. Dígí sì ń sọ ọ̀tún di òsì. Èso ápù tó wà lẹ́yìn fóònù ti fi èyí hàn: apá ọ̀tún ni wọ́n ti bu ápù yẹn jẹ, ṣùgbọ́n nínú àwòrán, apá òsì ni ibi tí wọ́n bù wà. Àwọn kámẹ́rà pẹ̀lú, tó yẹ kí wọ́n wà lókè lápá òsì, apá ọ̀tún ni wọ́n wà. Ẹ̀rí méjì ló ń pariwo lójú kan náà.

Ìgbésẹ̀ tí gbogbo yín ń fò nìyí: kí ẹ tó sọ pé ọ̀tún tàbí òsì, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá àwòrán náà ti kọjá nínú dígí. Ẹ wo ápù. Bí kì í bá ṣe iPhone, ẹ wo orúkọ tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ bóyá ó ṣeé kà. Bí kò bá sí ohun kíkà kankan, ẹ gbàgbé ọ̀tún àti òsì pátápátá, kí ẹ wá aládùúgbò.

Ọ̀gá mi ló kọ́ mi ní èyí ní Kọ̀mpútà Fílẹ́ẹ̀jì, nígbà tí Nokia ṣì jẹ́ ọba. Àwa ọmọ iṣẹ́ méjì máa ń jókòó kọjú síra wa nídìí tábìlì kan. Lọ́jọ́ kan mo ní kí ẹnìkejì mi tú ìdè apá ọ̀tún. Ọ̀tún tirẹ̀ ló tú, èyí tó jẹ́ òsì tèmi, okùn pẹlẹbẹ tó ń gbé iná lọ sí ojú fóònù sì ya. Ọ̀gá kò na ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó kàn sọ pé láti ọjọ́ náà lọ, òun kò fẹ́ gbọ́ ọ̀tún mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù òun: kí a máa sọ ohun tí nǹkan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìdè tó sún mọ́ ihò ṣájà. Ìdè tó sún mọ́ batìrì. Ó ti dolóògbé báyìí, ṣùgbọ́n mo ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbàkúùgbà tí mo bá di ìdè mú.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ọ̀gá ka àwòrán yẹn. Àwọn iPhone tí à ń sọ yìí ní etí méjì. Etí kan ní bọ́tìnnì gígùn kan ṣoṣo, èyí tí a fi ń tàn án. Etí kejì ní bọ́tìnnì ohùn méjì, pẹ̀lú nǹkan kékeré tí a fi ń pa ariwo lókè wọn. Lára XR, bọ́tìnnì gígùn ni aládùúgbò àwo síìmù. Lára 12 àti 13, àwọn bọ́tìnnì ohùn ni. Bí dígí bá yí àwòrán ní ìgbà ogún, kò lè tú àdúgbò yìí ká. Nínú àwòrán obìnrin yẹn, abẹ́ bọ́tìnnì gígùn ni àwo síìmù wà. XR ni, kò nílò ìṣirò kankan.

Ẹ̀rí yìí lágbára nítorí pé ayédèrú kò lè sá fún un. Ibi tí bọ́ọ̀dù wà ló ń pinnu ibi tí síìmù ń wọ̀. Ẹni tó ń ṣe háúsìn lè ya kámẹ́rà tó bá wù ú, ṣùgbọ́n ibi tí bọ́ọ̀dù bá ti ń retí síìmù ló gbọ́dọ̀ lu ihò sí.

Ọ̀nà kan náà ló wúlò fún Samsung. Note 10 ti 2019 kó gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ sí etí tó jìnnà sí kámẹ́rà. S20 ti 2020 kó tirẹ̀ sí etí tí kámẹ́rà wà. Ẹ bi bọ́tìnnì pé ṣé òun àti kámẹ́rà jọ ń gbé ni, ẹ ó rí ìdáhùn kódà nínú dígí.

Bí ọwọ́ tàbí páàkì bá bo etí fóònù, ẹ má ṣe méfò. Ẹ ní kí wọ́n fi fóònù mìíràn ya iwájú rẹ̀, kódà bí ojú rẹ̀ ti kú tó sì dúdú. Ẹ wá ihò tí a ń gbé sétí. Lára XR, ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sínú gíláàsì. Lára 13 Pro, òkè pátápátá ló wà, níbi tí gíláàsì ti pàdé irin. Àwòrán ìṣẹ́jú kan ni, ì bá sì ti gba owó iṣu obìnrin yẹn là.

Mo ti fi ojú XR sí fóònù náà, ó sì ti ń tàn. Ojú 13 Pro yẹn ṣì wà nínú páálí rẹ̀ lórí pẹpẹ mi. Mi ò ní tà á. Ọmọ iṣẹ́ tó bá wọlé wá, ojú yẹn ni n ó kọ́kọ́ gbé lé e lọ́wọ́, kí n tó gbé ìdè kankan fún un.