Ẹ̀KỌ́: Aṣọ Wo Ló Yẹ Fún Pátá Ní Ilẹ̀ Olóoru?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ọ̀pẹ̀bí, ọ̀rọ̀ pátá ló gba àkókò jù lọ lọ́jọ́ kan. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ló ń dúró ti ẹ̀rọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ tó wà láàrin Ìkẹjà àti Agége. Wọ́n ti fi owó ẹgbẹ́ ra pátá àti bọ́ksà ní dọ́sìnì dọ́sìnì láti Ìdúmọ̀tà, kí ó lè dín owó fún oníkálùkù. Òwú ni lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ pè é. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í yún ara láàrin itan, àwọn kan sì ní rọ́bà ìbàdí ti dẹ̀. Owó ti lọ, ẹni tó tajà kò gbà á padà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ rà ní ìgbà kejì, wọ́n ní kí èmi tí iṣẹ́ télọ̀ ti di bárakú fún bá wọn yẹ ọjà náà wò kí owó tó jáde.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàlàyé fún wọn ni pé afẹ́fẹ́ Èkó kún fún omi. Òógùn tó bá jáde lára kì í tètè gbẹ, pàápàá lábẹ́ ṣòkòtò tí atẹ́gùn kò dé. Nítorí náà, ohun tí a ní láti bi aṣọ pátá ni pé, kí ni yóò fi òógùn ṣe? Bí a bá mú òwú tó gbẹ, tó wọn 100 gíráàmù, tí a sì gbé e sínú yàrá tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ní omi níwọ̀nba, yóò fa bíi gíráàmù 8 omi láti inú afẹ́fẹ́ nìkan, síbẹ̀ ọwọ́ kò ní mọ̀ pé ó tutù. Náílọ̀n a máa fa bíi 4. Pólísítà kì í fa tó ààbọ̀ gíráàmù. Ìdí nìyí tí pátá pólísítà tó rọ̀ mọ́ ara fi máa ń yọ̀ bí ẹni da epo sí i: òógùn kò rí inú fọ́nrán wọ̀, àárín aṣọ àti awọ ara ló dúró sí.

Ṣùgbọ́n kí a má purọ́ mọ́ pólísítà. Èyí tí wọ́n hun fún àwọn eléré ìdárayá máa ń fa òógùn gba ẹ̀gbẹ́ fọ́nrán rẹ̀ jáde síta, ó sì máa ń tètè gbẹ. Ó dára fún ẹni tó ń sáré nínú atẹ́gùn. Ẹni tó dúró sí ojú kan ti ẹ̀rọ, tí ó tún wọ ṣòkòtò iṣẹ́ tó nípọn lé e, kò rí àǹfààní yẹn tó bẹ́ẹ̀. Òwú náà ní àléébù tirẹ̀. Bí ó bá ti rin gbingbin, kì í fẹ́ gbẹ mọ́, yóò lẹ̀ mọ́ itan, yóò sì máa ha á. Òwú tó nípọn le ju òwú fẹ́lẹ́ lọ nínú èyí.

Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n kó wá fún mi. A yọ fọ́nrán díẹ̀ láti ojú rírán ọ̀kọ̀ọ̀kan, a fi irin tín-ín-rín dì í mú lórí abọ́ omi, a sì tanná sí i. Òwú máa ń jó kíá bíi bébà, òórùn bébà ni yóò máa rùn, eérú rẹ̀ a sì fúyẹ́. Náílọ̀n àti pólísítà máa ń sá fún iná, wọn a yọ́, bí wọ́n bá sì tutù, wọn a di kókó líle tí ọwọ́ kò lè fọ́. Èyí tí wọ́n pò pọ̀ máa ń jó, ṣùgbọ́n ẹ ó bá kókó wẹ́wẹ́ nínú eérú. Oríṣi kìíní, tí a kọ «òwú 100 nínú 100» sí lára, di kókó dúdú lójú gbogbo wa. Irú tí wọ́n rà lọ́dún tó kọjá gan-an ni.

Iná kò lè fi réyọ̀n hàn yín o, nítorí bí òwú ló ṣe ń jó. (Ọ̀pọ̀ aṣọ tí wọ́n ń pè ní aṣọ ọparun, réyọ̀n ni.) Ẹ fi itọ́ rin àárín fọ́nrán kan, kí ẹ sì fà á. Réyọ̀n yóò já níbi tó rin, nítorí bí omi bá kàn án, agbára rẹ̀ a dín kù tó bí ìdajì. Òwú a máa le sí i nínú omi ni. Réyọ̀n tutù lára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ọwọ́ fọ pátá lójoojúmọ́, tó sì ń fún un, kò ní pẹ́ rí ihò nínú rẹ̀.

Oríṣi kejì jẹ́ òwú gidi tó nípọn. Ẹ̀kẹta jẹ́ òwú fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi sípándẹ́sì 5 sí nínú 100 kí ó lè máa nà. A fọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ òjò kan, a sì sá wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èyí tó di kókó nínú iná ti gbẹ pátápátá. Òwú fẹ́lẹ́ ti gbẹ, àfi ojú rírán rẹ̀. Òwú nínípọn ṣì tutù rinrin. Ìyáwó ọmọ ẹgbẹ́ kan ní, «Ẹ̀yin ará, èyí tó tutù yìí gan-an ni ọkọ mi máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní oṣù kẹfà.» Òótọ́ ni, ibẹ̀ sì ni làpálàpá ti ń rí ilé gbé.

Kí a tó dá aṣọ lẹ́bi, ẹ wo ibi tí ara ti ń yún. Bí ó bá jẹ́ ìlà kan yí ìbàdí ká, rọ́bà ni. Ẹ wá èyí tí wọ́n fi aṣọ bo rọ́bà rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ibi tí itan méjèèjì ti ń ha ara wọn, bọ́ksà tó gùn dé àárín itan yóò là wọ́n níyà. Bí gbogbo ibi tí aṣọ tuntun kàn bá yún ní ọjọ́ àkọ́kọ́, aró àti oògùn ilé iṣẹ́ tó wà lára rẹ̀ ni a fura sí. Ẹ máa fọ pátá tuntun lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá yí roboto, tí etí rẹ̀ sì ga díẹ̀, làpálàpá nìyẹn. Pípààrọ̀ aṣọ nìkan kò lè wò ó, ẹ lọ gba oògùn.

Ní ti pípẹ́, jíìkì ló ń pa pátá jù. Ó máa ń jẹ sípándẹ́sì àti rọ́bà, aṣọ a sì dẹ̀ kó tó gbó. Ọṣẹ àti omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó. Kí ẹ tó rà á, ẹ na aṣọ náà, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí kò bá padà sí ìwọ̀n rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ bóyá ó ní ìlọ́po méjì, nítorí ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń lu.

Ẹ má sá a sílẹ̀ tàbí sí abẹ́ òjìji igi. Eṣinṣin kan wà ní ilẹ̀ Áfíríkà tó máa ń yé ẹyin sí aṣọ tó tutù. Ìdin rẹ̀ a wọ abẹ́ awọ ara, a sì wú bí eéwo. Oòrùn gangan ni kí ẹ sá a sí. Bí òjò kò bá jẹ́ kí ẹ rí oòrùn, ẹ fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ òwú náà dáadáa, pàápàá ojú rírán rẹ̀, kí ẹ sì yẹra fún rọ́bà ìbàdí.

Ẹgbẹ́ náà mú oríṣi kẹta. Ó wọ́n díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí náà wọ́n pín owó rẹ̀ sí oṣù mẹ́ta. Mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n fún oníkálùkù, kí èyí tí a fọ̀ lónìí lè ní ọjọ́ méjì láti gbẹ ní àkókò òjò. Wọ́n tún bá ẹni tó tajà ṣe àdéhùn pé àwọn yóò fa fọ́nrán kan yọ nínú dọ́sìnì kọ̀ọ̀kan, àwọn yóò sì dáná sí i níwájú rẹ̀ kí àwọn tó san owó.