Ẹ Kọ Lẹ́tà, Ẹ Yé Pe Fóònù

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo máa ń rí i ní Yemetu níbí: ẹ ti fi owó ara yín san owó ilé ìwòsàn, ilé-iṣẹ́ adójútòfò ìlera ní àwọn á dá a padà, oṣù márùn-ún ti kọjá, ẹ ṣì ń pè wọ́n lórí fóònù. "Ó ti ń lọ" ni wọ́n ń wí, kò sì sí ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ yín.

Ọmọ àbúrò mi kan kọ lẹ́tà tirẹ̀ báyìí: "Mo san 86,000 náírà ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta, mo fi rìsíìtì ránṣẹ́ ní ọjọ́ 9. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ èsì sí mi, kí ó ní déètì, láàárín ọjọ́ 14: ọjọ́ tí ẹ máa san án, tàbí ìdí tí ẹ kò fi ní san án àti ibi tó wà nínú ìwé àdéhùn." Kò bú ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ wà lókè lẹ́tà. Ẹ̀dà rìsíìtì ló fi há a. Ojúlówó wà nílé.

Ẹ tẹ lẹ́tà yín ní ẹ̀dà méjì, ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì wọn, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ àti déètì sí ẹ̀dà tiyín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Bí ọjọ́ 14 bá kọjá láìsí èsì, ẹ gbé e lọ sí NHIA, àjọ tí òfin ọdún 2022 fún láṣẹ lórí wọn. Ẹ kọ ọ́ lónìí.