Ọ̀rọ̀ Tí Ojú Kò Dá Mọ̀ Nínú Àdàkọ Lárúbáwá

Ẹ wo ọ̀rọ̀ méjì yìí: سبعين àti تسعين. Àádọ́rin ni ti àkọ́kọ́, àádọ́rùn-ún ni ìkejì. Ẹ wá fi ìka bo àwọn ẹ̀kán kéékèèké tó wà lórí wọn àti lábẹ́ wọn. Eyín mẹ́rin tó tò tẹ̀lé ara wọn ló kù níwájú, wọ́n sì jọ ara wọn bí ìbejì. Bí tàdáwà bá ti ṣá, kò sí ojú tó lè fi eyín nìkan yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn adàkọ ayé àtijọ́ mọ èyí, ìdí nìyẹn tí àwọn mìíràn nínú wọn fi ń kọ بتقديم السين sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye náà, ìyẹn ni pé síìnì ló ṣáájú. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló ní sùúrù bẹ́ẹ̀.

Ìdílé kan ní Ìlọrin gbé ìwé àtijọ́ kan wá fún mi kí n tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ oko tí bàbá ńlá wọn fi yá ẹnìkan ló wà níbẹ̀. Ọdún tí wọ́n kọ ọ́ wà ní ìsàlẹ̀, ẹ̀kán inú ọ̀rọ̀ náà sì ti pa rẹ́. Mo rò ó, mo tẹ تسعين, mo sì kọjá lọ. Àṣìṣe mi nìyẹn. Kì í ṣe àbá tí mo dá ló burú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé náà jáde, àbá tí mo dá kò yàtọ̀ lójú sí ohun tí mo rí. Ẹni tó ń kà á kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Nígbà tí mo padà sí i, báyìí ni mo tẹ̀ ẹ́:

```
عام [تسعين؟] ومائتين وألف
```

Àkámọ́ onígun ń sọ pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ti inú ìwé wá pátápátá, ọwọ́ adàkọ wà níbẹ̀. Àmì ìbéèrè ń sọ pé kò dá adàkọ lójú. Mo wá kọ àlàyé sísàlẹ̀ pé: ẹ̀kán ti pa rẹ́, ó lè jẹ́ سبعين. Ẹ má fi àlàyé yìí sílẹ̀, nítorí àmì ìbéèrè nìkan kò sọ ohun tí òǹkàwé máa wá.

Ẹ lo àmì ìbéèrè ti Lárúbáwá, ؟, kì í ṣe èyí tí à ń lò ní Yorùbá. Èyí tí à ń lò yìí lè sá lọ sí ìpẹ̀kun kejì ìlà bí kọ̀ǹpútà kò bá mọ̀ pé láti ọ̀tún ni ìwé náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ pupa nìkan láti fi iyèméjì hàn: bí wọ́n bá ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀, àwọ̀ ti lọ nìyẹn.

Àwọn tó ń tẹ ìwé Gíríìkì àti Látìn àtijọ́ ní àdéhùn kan láti 1931, tí wọ́n ṣe ní Láídẹ̀nì, pé kí ẹ̀kán wà lábẹ́ lẹ́tà tí kò hàn dáadáa. Ẹ má mú un wọ Lárúbáwá ní tààràtà. Ẹ̀kán kan lábẹ́ eyín sọ ọ́ di báà!

Ibi tí ikán ti jẹ ìwé kì í ṣe ibi àbá. Ẹ fi [...] síbẹ̀, kí ẹ sì sọ iye ọ̀rọ̀ tí àyè náà lè gbà. Bí ọ̀rọ̀ bá sì hàn kedere, àmọ́ tó dà bíi pé ẹni tó kọ ọ́ ló ṣe àṣìṣe, ẹ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà, kí ẹ fi [كذا] tẹ̀lé e, ìyẹn ni pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá a. Ẹ má sì fi ؟ sí gbogbo ọ̀rọ̀ nítorí ìbẹ̀rù. Bí ìdajì ojú ewé bá ní àmì, òǹkàwé kò ní yẹ ọ̀kankan wò. Ibi tí ọ̀rọ̀ méjì bá ti lè bá ìtumọ̀ mu ni ؟ tọ́ sí.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìdílé náà rí àmì mi, ó tún padà sórí ìwé gangan. Ní ìlà kẹrin, orúkọ Ẹ́míà Ṣítà wà níbẹ̀, ẹni tó ṣàkóso Ìlọrin títí di nǹkan bí 1861, wọ́n sì ń gbàdúrà fún un gẹ́gẹ́ bí ẹni tó wà lórí oyè. Bí ó bá jẹ́ تسعين, ọdún Híjírà 1290 ni, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní March 1873, nígbà tí Ṣítà ti kú. Bí ó bá jẹ́ سبعين, 1270 ni, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní October 1853. Nítorí náà, سبعين ni. Mo pààrọ̀ ọ̀rọ̀ náà, mo yọ àmì ìbéèrè kúrò, mo kọ ìdí rẹ̀ sísàlẹ̀. Àkámọ́ ṣì wà níbẹ̀, nítorí ẹ̀kán náà kò tíì hàn lójú ẹnikẹ́ni.